Kóòtù Tó Pa Pélé Rẹ́

Ohun tí mo tẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ tún fọ́tò ṣe lọ́jọ́ kan nìyí, bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ gan-an:

```
Make him look smart in a black jacket
```

Mo ní kó ṣe ọkùnrin olóògbé kan nínú fọ́tò bí ẹni tó múra dáadáa, kó wọ kóòtù dúdú. Mi ò rí àléébù kankan nínú ẹ̀ nígbà náà. Ó kúrú, ó yé mi, kóòtù tí ẹ̀rọ sì gbé jáde dára débi pé mo pe ọmọ iṣẹ́ mi kó wá wò ó. Owó tí gbólóhùn yẹn ná mi lé ní ₦280,000, ká má tíì sọ ti ìtìjú ọjọ́ tí ẹbí olóògbé ká bánà wọn padà wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Mò ń jẹ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé mo ṣì ń rí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ mi tí wọ́n ń tẹ irú gbólóhùn kan náà lójoojúmọ́, tí iṣẹ́ sì ń lọ, torí kò tíì sí ẹni tó wo ojú inú àwòrán wọn dáadáa.

Ṣómólú ni mo wà, níbi tí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ti fìdí kalẹ̀ l'Ékòó. Iṣẹ́ tèmi ni kí n to àwòrán àti ọ̀rọ̀ pọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́: ìwé ètò ìsìnkú, bánà, káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú iṣẹ́ òkú, ìbéèrè kan wà tí kì í tán. Fọ́tò tó dára jù lọ́wọ́ ẹbí kì í sábà jẹ́ èyí tí olóògbé ti wọ aṣọ tó wù wọ́n. Ẹ̀rín tó dáa jù láyé bàbá kan lè jẹ́ èyí tó rín lọ́jọ́ tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ilé. Nígbà tó jẹ́ pé Photoshop nìkan la ní, a máa ń wá fọ́tò ẹlòmíràn tó wọ kóòtù, a ó gé orí olóògbé, a ó gbé e lé ọrùn onítọ̀hún. Bí ọwọ́ ẹni bá mọ́ ọn, ó máa ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bí kò bá mọ́ ọn, orí á jókòó sórí kóòtù bí ìkòkò tí wọ́n gbé ka orí ògiri. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ọ̀nà àtijọ́ yẹn tí mi ò mọyì rẹ̀ títí ó fi bọ́ lọ́wọ́ mi: ojú tí ẹ gé náà ni ojú tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sóhun tó fọwọ́ kàn án.

Obìnrin tó gbé iṣẹ́ yìí wá ni àkọ́bí olóògbé. Fọ́tò kan ṣoṣo ló ní nínú fóònù rẹ̀ tó fẹ́ kí a lò. Bàbá náà jókòó sórí àga oníke níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú aláwọ̀ búlúù fẹ́ẹ́rẹ́, aago wà lọ́rùn ọwọ́ òsì rẹ̀, pátákó ìjọ sì hàn lókè èjìká rẹ̀. Pélé mẹ́ta-mẹ́ta ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, kúkúrú, ní òró, kò jìn púpọ̀. Ẹ̀rín rẹ̀ sì wà ní igun ẹnu kan, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣẹ̀fẹ̀. "Bùrọ̀dá," ni obìnrin náà wí, "ẹ ṣáà bá wa wọ kóòtù fún Dádì. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn o." Ó sọ ọ́ ketekete. Èmi ni mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀rọ.

Kóòtù tó jáde yẹn, kò sí télọ̀ tí kò ní kí i. Etí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, bọ́tìnnì jókòó sí àyè wọn, òjìji tó wà lábẹ́ apá bá oòrùn inú fọ́tò náà mu. Ojú mi ò kúrò lára rẹ̀. Bí mo bá gbójú sókè díẹ̀ ni, ǹ bá ti rí i pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá ti ń dán. Pélé apá ọ̀tún ti pòórá. Ti apá òsì ku ìlà kan, òun náà sì ti dà bí ìhunjọ ara àgbà. Ẹ̀rín igun ẹnu ti di ẹ̀rín gbogbo ẹnu, irú èyí tí àwọn olóṣèlú máa ń rín lórí pósítà. Lórí pátákó, níbi tí orúkọ ìjọ wà, ìlà wẹ́wẹ́ ló kù tó jọ lẹ́tà láti òkèèrè, bí ẹ bá sún mọ́ ọn, kì í ṣe lẹ́tà èdè kankan.

Mo tún fi àṣìṣe kejì gun orí ti àkọ́kọ́. Obìnrin náà ní kí ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà lábẹ́ kóòtù. Dípò kí n padà sórí fọ́tò tí wọ́n gbé wá, àwòrán tí ẹ̀rọ ti ṣe ni mo dá padà fún un. Nígbà tó yá, ó ní kí kóòtù rí bí àwọ̀ eérú. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni mo tún fún un. Ó wò ó, ó ní dúdú yẹn náà ló dáa jù, mo bá tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń ṣe èyí, ojú bàbá ń yí díẹ̀díẹ̀, èmi tí mo sì jókòó tì í kò rí i, nítorí pé èyí tó kọjá lọ ni mo fi ń wé èyí tó dé. Mi ò tún ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ mọ́. Wọ́sáàpù ni mo fi fi ti ìkẹyìn ránṣẹ́. Wọ́sáàpù sì máa ń fún àwòrán pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ọmọ olóògbé tó ń sáré láàárín mọ́ṣúárì, ṣọ́ọ̀ṣì àti alásè ló wò ó lórí fóònù, àwòrán náà kò sì tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó ní, "Ó dáa, ẹ máa tẹ̀ ẹ́." Mi ò lè dá a lẹ́bi. Èmi ni mo ní kọ̀ǹpútà tó fẹ̀, èmi ni wọ́n sanwó fún láti wò ó.

Bánà ńlá méjì, ìwé ètò ìsìnkú 300, àti jọ́tà 150 fún àlejò, gbogbo rẹ̀ ló jáde pẹ̀lú ojú yẹn.

Ẹ̀gbọ́n olóògbé lóbìnrin ló já a. Wọ́n mú màmá náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì tẹ́ bánà sórí tábìlì tí mo fi ń gé pépà. Kò pariwo. Ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ inú bánà, lẹ́yìn náà ó fi ìka kan náà kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, níbi tí pélé tirẹ̀ wà. "Ìwọ ọmọ yìí, ta lo yà síbí?"

"Dádì ni, Màmá."

"Dádì wo? Àbúrò mi tí olóólà kan náà kọ wá nílà? Ibo lo wá gbé ilà ẹ̀ lọ?"

Mo kúnlẹ̀. Kò sí èsì tí mo lè fọ̀. Bí mo bá ní ẹ̀rọ ló ṣe é, ta ló tẹ ẹ̀rọ?

Ohun tí mo ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀ ni pé ẹ̀rọ tó ń fi ọ̀rọ̀ tún fọ́tò ṣe ń ṣe bíi tiwa: pé ó gé ṣẹ́ẹ̀tì kúrò, ó lẹ kóòtù síbẹ̀, ó sì fi ìyókù sílẹ̀ bó ṣe wà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ẹ bá fún un ní fọ́tò àti gbólóhùn àṣẹ, tí ẹ kò sì fi ààlà kankan sí ibi tó gbọ́dọ̀ dé, àwòrán tuntun látòkè délẹ̀ ló máa ń yà, tí yóò sì máa wo ti àtijọ́ bó ṣe ń yà á. Ojú, àga, ògiri, ojú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ ló tún yà. Ohun tí ẹ rò pé kò fọwọ́ kàn, ó kàn yà á kó jọ ti tẹ́lẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká mú irú ẹ̀rọ bíi Stable Diffusion, tó jáde lọ́dún 2022, tí ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ṣì ń gba ọ̀nà tó jọ tirẹ̀. Kì í ṣiṣẹ́ lórí píkísẹ́lì fọ́tò ní tààràtà. Ó kọ́kọ́ máa ń fún fọ́tò pọ̀. Fọ́tò tó jẹ́ píkísẹ́lì 512 ní ìbú àti 512 ní òró á di àpótí 64 ní ìbú àti 64 ní òró, ìyẹn ni pé píkísẹ́lì 8 ní ìbú àti 8 ní òró ló wọ inú àpótí kan. Inú àwọn àpótí yìí ni gbogbo iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ kó tó tú u padà sí àwòrán tí ojú lè rí. Ẹ wá gbé bàbá yìí wò. Fọ́tò náà gba odindi ara rẹ̀, àga rẹ̀ àti pátákó ìjọ, nítorí náà bí wọ́n bá dín in kù sí 512, ojú rẹ̀ kò ní fẹ̀ ju nǹkan bíi píkísẹ́lì 90 lọ. Àpótí mọ́kànlá nìyẹn, láti etí kan dé èkejì. Ìlà pélé kan kò ní ju píkísẹ́lì 2 lọ ní fífẹ̀. Pélé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú àlàfo àárín wọn lè má ju àpótí méjì lọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ bá wá ń tú àpótí méjì yẹn padà sí ara èèyàn, ohun tó bá mọ̀ mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbàlagbà ni yóò fi dí i: awọ tó dán, tàbí ìhunjọ. Mo sì rò pé ojú tó ní pélé kò lè pọ̀ nínú àwọn fọ́tò tí wọ́n fi kọ́ ọ. Ìdí kan náà ni lẹ́tà orí pátákó fi dàrú: lẹ́tà tó kéré ju àpótí rẹ̀ lọ kò ṣe é tú padà bó ṣe wà. Èyí náà ló fà á tí dídá àwòrán padà fún un lẹ́ẹ̀kan sí i fi burú. Ìgbàkígbà tí ẹ bá fi àwòrán tó ti ṣe bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, yóò tún fún un pọ̀, yóò tún tú u, ohun tó ti sọnù tẹ́lẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́ tí yóò wò. Àwọn ẹ̀rọ tó dé lẹ́yìn sàn jù, fọ́tò tó tóbi sì ń ran ojú lọ́wọ́, nítorí pé ojú á gba àpótí púpọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n fífúnpọ̀ àti títú yẹn kò tíì lọ nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ohun mìíràn tún wà nípa bí wọ́n ṣe kọ́ irú ẹ̀rọ báyìí láti gbọ́ àṣẹ. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ni InstructPix2Pix, tí Tim Brooks, Aleksander Holynski àti Alexei Efros ti Yunifásítì Kalifọ́níà ní Bákílì gbé jáde ní 2022. Àpẹẹrẹ tó lé ní 450,000 ni wọ́n fi kọ́ ọ: àwòrán kan, gbólóhùn àṣẹ kan, àti àwòrán tó yẹ kó jáde. Àmọ́ ẹ̀rọ ló ya àwòrán méjèèjì. Wọ́n gbìyànjú kí ìyókù àwòrán jọra, wọ́n sì ṣe é dé ibi tó ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe píkísẹ́lì kan náà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ohun tó jọra kọ́, ohun tó jọra ni yóò fún yín. Fún fọ́tò ọjà tàbí òdòdó, ìyẹn tó. Fún ojú ẹni tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣì wà láyé, kò tó.

Ẹ wá padà wo gbólóhùn mi. "Make him look smart": mo ti ní kó sọ ọkùnrin náà di ẹni tó múra. Mi ò sọ pé aṣọ ni mò ń bá a sọ. Ẹni tó múra, lójú ẹ̀rọ, lè ní ara tó dán, kó rẹ́rìn-ín tó kún, kí èjìká rẹ̀ sì nà. Gbogbo ohun tó ṣe, mo ní kó ṣe é ni. Àwọn tó ṣe FLUX.1 Kontext, ilé iṣẹ́ Black Forest Labs, kìlọ̀ ní 2025 nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń lò ó pé bí ẹ bá lo ọ̀rọ̀ bíi "transform" láìsọ ohun tó gbọ́dọ̀ dúró, ẹ̀rọ lè mú un pé kí òun yí ẹni náà pátápátá. Wọ́n tún ní kí a dárúkọ ẹni tàbí ohun tí à ń sọ, kí a má fi "him" tàbí "her" rọ́pò rẹ̀. Gbólóhùn mi rú òfin méjèèjì.

Èyí tí mo wá kọ nígbà tí mo ń tún iṣẹ́ náà ṣe nìyí:

```
Replace only the man's light blue short-sleeved shirt
with a plain black single-breasted jacket over a white
shirt, no tie. Jacket sleeves reach the wrists. Keep his
face, cheek marks, expression, hair, neck, hands, watch,
pose, framing, lighting and the entire background
exactly as they are.
```

Mo kọ́kọ́ sọ ohun tó ń lọ: ṣẹ́ẹ̀tì búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ alápá kúkúrú. Bí a bá dárúkọ aṣọ tó wà lára ẹni náà báyìí, ẹ̀rọ á mọ ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. Lẹ́yìn náà ni ohun tó ń bọ̀, láìfi ọ̀rọ̀ ìyìn kún un. "Plain" àti "black" jẹ́ ohun tí ojú lè rí lára aṣọ. "Smart", "elegant", "handsome" kì í ṣe ti aṣọ nìkan, wọ́n á rin dé ojú. Gbólóhùn nípa apá ṣe pàtàkì ju bó ṣe rí lọ. Ṣẹ́ẹ̀tì alápá kúkúrú fi apá bàbá sílẹ̀ láti ìgúnpá dé ọwọ́, kóòtù yóò sì bò ó. Bí ẹ kò bá sọ ibi tí apá kóòtù dé, ẹ̀rọ ni yóò pinnu, ó sì lè tún ọwọ́ yà kó lè bá apá kóòtù mu. Mo ti rí ibi tí aago ti lọ, mo ti rí ibi tó ti bọ́ sí ọwọ́ kejì.

Ìdá kejì gbólóhùn náà ni ohun tó gbọ́dọ̀ dúró, mo sì dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan. "Keep everything else the same" kò burú, àmọ́ lójú tèmi, ohun tí ẹ dárúkọ máa ń dúró ju ohun tí ẹ kó pọ̀ sábẹ́ "everything else" lọ. Ọrùn wà níbẹ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni aṣọ àti ara ti pàdé. Kọ́là tuntun máa ń fẹ́ gbé òjìji tuntun wá sábẹ́ àgbọ̀n, bí àgbọ̀n bá sì ti yí, ojú ti yí nìyẹn. "Framing" wà níbẹ̀ kí ó má baà sún fọ́tò mọ́ iwájú tàbí kó gé ẹsẹ̀ àga kúrò.

Nípa pélé, mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni kí n ṣàlàyé rẹ̀ yékéyéké: ìlà mẹ́ta, kúkúrú, ní òró, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo dán an wò. Ẹ̀rọ gbọ́, ó sì ya pélé tuntun, tó jìn, tó dúdú, tó tò bí ohun tí wọ́n fi rúlà fà. Ó ti sọ ọ́ di iṣẹ́ tí mo rán an. Ohun tí a fẹ́ kó fi sílẹ̀, kò yẹ ká ṣe àpèjúwe rẹ̀ bí ẹni ń pàṣẹ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ "cheek marks" nìkan, láàárín ohun tó gbọ́dọ̀ dúró.

Èsì tó jáde sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ jìnnà. Pélé ṣì wà, ẹ̀rín padà sí igun ẹnu. Síbẹ̀ mi ò gbà á gbọ́ mọ́. Gbólóhùn tó dáa jù lọ, ẹ̀bẹ̀ ni, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́.

Bí mo ṣe ń wò ó nìyí. Mo ṣí fọ́tò àkọ́kọ́ nínú Photoshop, mo gbé èyí tí ẹ̀rọ ṣe lé e lórí gẹ́gẹ́ bí ìpele kejì, mo sì mú un bá ìwọ̀n ti ìsàlẹ̀ dọ́gba, nítorí pé ẹ̀rọ lè dá a padà ní ìwọ̀n mìíràn. Mo wá yí ipò ìpele òkè sí `Difference`. Photoshop á yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Níbi tí wọ́n bá ti jẹ́ ọ̀kan náà, dúdú biribiri ni ẹ ó rí. Níbi tí wọ́n bá ti yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ á yọ. Kóòtù gbọ́dọ̀ tàn yòò, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dán ti àkọ́kọ́ wò báyìí, èyí tí a ti tẹ̀, ojú bàbá tàn bí kóòtù. Ìmú, ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo rẹ̀ hàn. Ó ti ń wí fún mi láti ìgbà náà, èmi ni mi ò bi í. Nínú èyí tí gbólóhùn tuntun mú jáde, ojú ṣú, àfi ìkùukùu fẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kárí gbogbo àwòrán. Ti fífúnpọ̀ àti títú nìyẹn, kò sí bí ẹ ṣe lè bọ́ nínú ẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà méjì-méjì létí pátákó tàbí létí àga, àwòrán ti sún kúrò ní àyè rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má fà á. Ẹ padà sórí fọ́tò àkọ́kọ́, kí ẹ tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ohun tó jẹ́ kọ́kọ́rọ́ gan-an. Mo dá ìpele òkè padà sí `Normal`, mo fi máàsìkì dúdú bò ó tán, tí fọ́tò àkọ́kọ́ nìkan fi hàn. Mo wá mú búrọ́ọ̀ṣì funfun, mo sì kun kóòtù nìkan: èjìká, àyà, apá dé ọrùn ọwọ́. Níbi ọrùn, mo lo búrọ́ọ̀ṣì tí etí rẹ̀ rọ̀, kí kọ́là lè wọ ara láìfi ààlà hàn. Mo dúró nísàlẹ̀ àgbọ̀n. Láti ibẹ̀ lọ sókè, píkísẹ́lì tí kámẹ́rà yà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì ló wà níbẹ̀, pátákó náà bẹ́ẹ̀, tí èèyàn sì lè ka orúkọ ìjọ. Bí iṣẹ́ àtijọ́ ni, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kóòtù la gé tí a lẹ̀ mọ́ ẹni tó ni ara rẹ̀.

Ibì kan wà tí ìlérí pé a kò ní fọwọ́ kan ẹ̀yìn àwòrán kò ti lè pé. Kóòtù nípọn ju ṣẹ́ẹ̀tì lọ, ó sì máa ń ga díẹ̀ léjìká. Bí ẹ bá kun máàsìkì mọ́ bátànì ṣẹ́ẹ̀tì gẹ́lẹ́, ohun tí ẹ ó rí kò ní jọ kóòtù, yóò dà bí ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rẹ ní aró. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú àwọn irinṣẹ́ tó ní kí ẹ yí ibi iṣẹ́ ká kí ẹ tó pàṣẹ, bíi `Generative Fill` inú Photoshop. Ẹ yí i ká kó ju etí ṣẹ́ẹ̀tì lọ díẹ̀ ní èjìká àti ìhà, kí ẹ sì yẹra fún àgbọ̀n. Díẹ̀ lára ògiri ẹ̀yìn bàbá wọ abẹ́ kóòtù. Oríire wa ni pé kóòtù bo ohun tó wà níbẹ̀ ni. Ká ní ẹni tó wọ agbádá ni wọ́n fẹ́ ká wọ ṣẹ́ẹ̀tì fún ni, ògiri àti àga tí agbádá ti bò yóò hàn síta, kò sì sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe rí. Ẹ̀rọ ni yóò hùmọ̀ wọn. Mo máa ń sọ èyí fún oníbàárà kí n tó gba owó.

Màmá náà ló kọ́kọ́ wo àtúntẹ̀. Kì í ṣe lórí Wọ́sáàpù. Mo tẹ ojú nìkan sórí pépà A4 méjì, ti fọ́tò àkọ́kọ́ àti ti èyí tí a fẹ́ tẹ̀, mo sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó ka pélé pẹ̀lú ìka, apá ọ̀tún, apá òsì, lórí pépà kìíní àti ìkejì. Ó ní kóòtù náà fún Bàbá láyà, pé àbúrò òun kì í de bọ́tìnnì. Mo tún padà sórí fọ́tò àkọ́kọ́, mo fi "worn open" kún gbólóhùn náà, mo sì tún máàsìkì kun.

Mo tún bánà méjèèjì àti ìwé ètò ìsìnkú 300 tẹ̀ lówó ara mi. Mo ra jọ́tà 150 mìíràn, ìwọ̀nyí náà sì wà nínú ₦280,000 yẹn. Láti ìgbà náà, iye tí mò ń gbà fún pípààrọ̀ aṣọ ti lọ sókè, nítorí pé ìdajì àkókò ń lọ sórí `Difference` àti máàsìkì. Àwọn kan máa ń sọ pé ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí mi ń ṣe é ní ìdá mẹ́ta owó yẹn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Mo máa ń béèrè bóyá ẹni inú fọ́tò náà ní ilà, àmì ìbí tàbí àpá lójú, tàbí bóyá ọ̀rọ̀ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ kí èèyàn lè kà. Bí wọ́n bá ní kò sí, èmi fúnra mi máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ síbẹ̀.